“A ó” ni àbí “a ò”? Bí mo ṣe yọ iṣẹ́ mẹ́sàn-án jáde nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé olójú-ewé mẹ́fà

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2025, ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Ìbàdàn gbé àkọsílẹ̀ ìpàdé sórí Wáàsáàpù. Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú rẹ̀ ni a ṣe ìpàdé náà nínú ọgbà ilé alága, àwa mẹ́tàlélógún, fún bíi wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. Akọ̀wé tẹ àkọsílẹ̀ sórí fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, alága buwọ́ lù ú, wọ́n lu òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ sí i, lẹ́yìn náà ni akọ̀wé ya fọ́tò ojú-ewé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì so wọ́n pọ̀ di PDF kan. Ènìyàn mẹ́rìnlá fi àtàǹpàkò dáhùn. Kò sí ẹnì kan tó béèrè pé, “Èwo ni tèmi nínú rẹ̀?”

Oṣù Kìíní la ti ń sọ̀rọ̀ tiransifọ́mà. A tún sọ ọ́ ní oṣù Kejì. Ní oṣù Kẹta, a tún fi ogójì ìṣẹ́jú sọ ohun kan náà, bó ṣe wà nínú àkọsílẹ̀ oṣù Kìíní gẹ́lẹ́. Alága wá pè mí, torí èmi ni igbákejì akọ̀wé, wọ́n ní: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ iṣẹ́ tó wà nínú ìwé yìí jáde. Ẹ kọ ẹni tó ni ín, ẹ kọ ọjọ́ tó máa parí.” Mo rò pé iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí, ohun tó sì gba ọjọ́ mẹ́ta náà lọ́wọ́ mi ni mo fẹ́ ṣàlàyé síbí, torí mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ wa nìkan kọ́ ló ń kọ àkọsílẹ̀ báyìí.

Ìwé kọ́kọ́ ní láti di ọ̀rọ̀ tí mo lè dà kọ. Fọ́tò ni PDF náà, èèyàn kò lè fi ìka yan ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Mo gbé e sórí Google Drive, mo tẹ `Open with`, mo yan `Google Docs`, ó sì ka fọ́tò náà di ọ̀rọ̀. Ó kà á dáadáa ju bí mo ṣe rò lọ, àfi níbi tí òǹtẹ̀ ti bo ìlà méjì, àti níbi owó: akọ̀wé wa máa ń fi # ṣe àmì náírà bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe, ó sì kà á ní H níbì kan. Nítorí náà mo ṣí fọ́tò náà sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì fi ojú ara mi yẹ gbogbo iye owó àti gbogbo ọjọ́ wò. Bí iye owó bá yí padà láàárín ìwé tí alága buwọ́ lù àti ìwé tí èmi kọ, ìjà ni.

Mo ka ojú-ewé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán láì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Nígbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kejì ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀ sí gbólóhùn tó jọ iṣẹ́. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe iṣẹ́ rárá. “Wọ́n sọ pé ó yẹ kí gbogbo onílé máa tan iná iwájú ilé lálẹ́”: ọ̀rọ̀ ìyànjú lèyí. “Ẹnì kan dá a lábàá pé kí a ra kámẹ́rà”: àbá ni, kò sí ẹni tó tì í lẹ́yìn, ìpàdé sì kọjá sí ọ̀rọ̀ míì. Ibi tí mo bá ti rí “a fẹnu kò pé”, “ó gbà láti”, “wọ́n ní kí Lágbájá”, ibẹ̀ ni mo ń dúró sí. Mo wá ń bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan: bí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ bá dé, kí ni a ó fojú rí tí a ó fi mọ̀ pé èyí ti di ṣíṣe? Èyí tí kò bá ní ìdáhùn, mo fi sílẹ̀. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n di mẹ́sàn-án.

Nínú mẹ́sàn-án yìí, mẹ́rin péré ló ní orúkọ ẹni tó máa ṣe é. Méjì péré ló ní ọjọ́ tí èèyàn lè nàka sí lórí kàlẹ́ńdà. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, mo sì rí i pé èdè wa fúnra rẹ̀ ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ wo gbólóhùn yìí, bó ṣe wà ní ìpínrọ̀ 3.4 láìsí àmì kankan lórí rẹ̀:

“Baba Alaga ati Baba Enjinia soro lori tiransifoma. Won ni awon yoo lo ri ileese ina laipe.”

Ta ni “wọ́n”? Nínú èdè wa, “wọ́n” lè jẹ́ ènìyàn mẹ́wàá, ó sì lè jẹ́ àgbàlagbà kan ṣoṣo tí a ń bọ̀wọ̀ fún. “Àwọn” náà rí bẹ́ẹ̀: bí bàbá kan ṣoṣo bá sọ pé òun máa lọ, akọ̀wé tó kéré sí i lọ́jọ́ orí kò ní kọ “òun”, “àwọn” ló máa kọ. Nítorí náà gbólóhùn yìí lè jẹ́ alága, ó lè jẹ́ Bàbá Ẹnjiníà, ó lè jẹ́ àwọn méjèèjì. Èmi ti kọ́kọ́ kọ “Alága” síbẹ̀, torí orúkọ wọn ló ṣáájú. Àṣìṣe gidi ni mo ṣe. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo pe akọ̀wé kí n tó fi ránṣẹ́. Ó ṣí ìwé kékeré tó fi ń kọ nǹkan nígbà ìpàdé, ó ní: “Rárá o. Bàbá Ẹnjiníà ló ní àwọn mọ ẹnì kan níbẹ̀, àwọn á lọ bá a.” Mo pe Bàbá Ẹnjiníà fúnra wọn. Wọ́n ní, “Lóòótọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé alága máa kọ lẹ́tà kí n tó lọ. N kò lè lọ lọ́wọ́ òfo.”

Mo dá fóònù dúró, ọ̀rọ̀ náà sì yé mi. Láti oṣù Kìíní ni Bàbá Ẹnjiníà ti ń dúró de lẹ́tà, alága náà ti ń dúró de èsì láti ọ̀dọ̀ Bàbá Ẹnjiníà. Kò sí ẹni tó ṣe ìmẹ́lẹ́ nínú àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ méjì ló wà nínú gbólóhùn kan: lẹ́tà, tí alága ní láti buwọ́ lù, àti ìrìn àjò, tí Bàbá Ẹnjiníà ní láti rìn lẹ́yìn rẹ̀. Mo pín in sí méjì, mo sì kọ sí abẹ́ èkejì pé kò lè bẹ̀rẹ̀ àfi tí èkíní bá tán. Èyí ló sọ mẹ́sàn-án di mẹ́wàá fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó àwọn ọdẹ ló burú jù. Ìpínrọ̀ 5.2, lábẹ́ ìròyìn akápò:

“A o san owo awon ode fun osu keji. Awon ile mejila lo je gbese.”

Mo kà á ní “a ó san”. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé akápò máa san owó ọdẹ mẹ́ta, 50,000 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 150,000 lápapọ̀. Gbólóhùn kejì ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Kí ló mú gbèsè ilé méjìlá tẹ̀ lé ìlérí owó? Mo pe akápò. Ìyá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú: “Ta ló ní mo máa san? Mo ní *a ò* san. A ò tíì san án. 96,000 ló wà lọ́wọ́ mi.”

Àmì kan ṣoṣo ló wà láàárín “a ó san” àti “a ò san”. Èkíní ń sọ ohun tí a gbà láti ṣe, èkejì ń sọ ohun tí a kò ṣe, fóònù akọ̀wé kò sì kọ àmì náà. Mo padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, mo wá gbogbo “a o” tó wà nínú rẹ̀. Mọ́kàndínlógún ni. Àwọn kan kò ṣòro: “a o ti i” kò lè jẹ́ nǹkan míì ju “a ò tíì” lọ níbi tí wọ́n ti lò ó, “a o maa” sì ni “a ó máa”. Ṣùgbọ́n “a o ni ipade pajawiri” lè jẹ́ pé a máa ní in, ó sì lè jẹ́ pé a kò ní in. Márùn-ún ni kò ṣe é mọ̀ látinú ìwé nìkan, mo sì bi akọ̀wé léèrè márùn-ún yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a parí, mọ́kànlá jẹ́ “a ó”, mẹ́jọ jẹ́ “a ò”.

Ohun tí èyí fi hàn mí ju àṣìṣe tèmi lọ. A ti lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí owó ọdẹ, gbogbo ènìyàn sì jáde nínú ìpàdé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé a ti yanjú rẹ̀. Kò sí ìpinnu kankan nínú àkọsílẹ̀. Kò sí ẹni tí a ní kó lọ gba gbèsè lọ́wọ́ ilé méjìlá, kò sí ẹni tí a ní kó wá 54,000 tó kù. Èmi kò sì ní ẹ̀tọ́ láti dá ìpinnu sílẹ̀ fún ẹgbẹ́. Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé, lábẹ́ àkọlé tí mo pè ní “Ọ̀rọ̀ tí a sọ tí a kò parí”, mo fi ìpínrọ̀ 5.2 hàn, mo sì fi ránṣẹ́ sí alága nìkan. Àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ wa lóru kò tíì gba owó oṣù Kejì, oṣù Kẹta sì ti ń lọ sí ìdajì. Alága pe akápò àti olórí ìgbìmọ̀ ààbò lálẹ́ ọjọ́ náà. Olórí ìgbìmọ̀ ààbò gbà láti lọ sí ilé méjìlá náà kí ó tó di ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, akápò gbà láti san ohun tó bá wọlé fún àwọn ọdẹ ní ọjọ́ 17. Ìgbà yẹn ni ó tó di iṣẹ́, ìgbà yẹn ni mo tó kọ ọ́ sókè.

Gbèdéke náà ní ìjà tirẹ̀. “Láìpẹ́” kì í ṣe ọjọ́, ìyẹn kò ṣòro, mo kàn bi ẹni tó sọ ọ́ pé ìgbà wo. Èyí tó ṣòro ni ọjọ́ tó dájú lójú ẹni tó sọ ọ́. Lórí gọ́tà, àkọsílẹ̀ ní: “A o wa gota iwaju ile Iya Alakara ki itadogun to pe.” (“Wà” ni o, wọ́n fẹ́ wà á, ẹnikẹ́ni kò wá a tì.) Olórí ọ̀dọ́, tí iṣẹ́ náà kàn, ti kọ ọjọ́ 23 sórí fóònù rẹ̀, torí ó ka ìtàdógún sí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ́dógún ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀tàdógún ni mẹ́tàdínlógún, ogún ó dín mẹ́ta, òun náà ló sì wà nínú ìtàdógún tí àwọn àgbà fi ń dá àjọ àti ìpàdé ẹbí. Àwọn àgbà sì máa ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn. Bí ọjọ́ 8 bá jẹ́ ọ̀kan, ọjọ́ kẹtàdínlógún bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 24 oṣù Kẹta. Bákan náà ni “òní ọjọ́ mẹ́jọ”, tí akápò lò níbòmíràn: láti Sátidé, Sátidé tó tẹ̀ lé e ni, ọjọ́ 15. Ẹni tó bá fi mẹ́jọ kún mẹ́jọ, tó kọ 16, ti fi ọjọ́ kan ṣìnà. Ọjọ́ kan kò pọ̀ lórí gọ́tà. Lórí owó tí a ní láti san sí báńkì, ó lè pọ̀, torí ọjọ́ 16 yẹn, ọjọ́ Àìkú ni.

Wẹ́dà tó máa tún géètì ṣe ni wọ́n ní kó parí “kí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tó dé”. Ọdún yẹn kò ní ọjọ́ kan pàtó títí dìgbà tí wọ́n bá rí oṣù. A ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, nítorí náà ó lè bọ́ sí ọjọ́ 30, ó lè bọ́ sí ọjọ́ 31. Mo kọ ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 28, kí ó má baà sí àríyànjiyàn, mo sì pe olórí ìgbìmọ̀ ààbò tó mú wẹ́dà wá kí ó gbà á lẹ́nu ara rẹ̀. (Ọjọ́ 30 ni a padà ṣe ọdún.) Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ di ọjọ́, mo máa ń fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó sọ ọ́ lè rí i pé òun ló sọ ọ́.

Orí Google Sheets ni mo kó gbogbo rẹ̀ sí. Òpó A ni nọ́ńbà ìpínrọ̀ nínú àkọsílẹ̀, kí ẹni tó bá ní “n kò sọ bẹ́ẹ̀” lè ṣí ìwé kó wò ó. B ni iṣẹ́ náà, D ni gbèdéke, E ni ibi tó dé. C ló fa ọ̀rọ̀. Mo kọ́kọ́ pè é ní “Ẹni tí a rán”. Bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún pè mí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ta ló rán mi níṣẹ́?” Wọn kò pariwo, ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù. Mo yí i padà sí “Ẹni tó gbà á”. Wọ́n ní èyí dára, torí lóòótọ́ àwọn ló gbà á fúnra wọn. Orúkọ kan ṣoṣo ló ń wọ inú òpó náà. Bí ènìyàn mẹ́ta bá máa ṣe iṣẹ́ kan, mo kọ ẹni tí n óò pe, mo sì fi àwọn yòókù sínú òpó iṣẹ́. “Gbogbo ìgbìmọ̀” kò ní nọ́ńbà fóònù.

Mo fi ìlànà yìí sí òpó F, kí ó máa sọ èyí tó ti kọjá:

```
=IF(E2="tan","",IF(ISNUMBER(D2),IF(D2<TODAY(),"ó ti kọjá",""),"ọjọ́ kò yé"))
```

“Tan” láìsí àmì ni mo ní kí wọ́n kọ bí iṣẹ́ bá parí. Bí mo bá fi àmì sí i, tí mo ní “tán”, ẹlòmíràn máa kọ “tan”, ìlànà kò sì ní mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14, mo ṣí i, ó sì yà mí lẹ́nu pé kò sí èyí tó kọjá, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà alága ti yẹ kó jáde ní ọjọ́ 12. Mo tẹ àpótí náà: 12/3/2025 ló wà níbẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwé náà ń kàwé bí ará Amẹ́ríkà, oṣù ṣáájú ọjọ́, ó sì gbà pé ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ni mò ń wí. Oṣù mẹ́sàn-án ṣì kù fún un! Àwọn bíi 28/3/2025 kò lè tàn án, torí kò sí oṣù kejìdínlọ́gbọ̀n. Àwọn yẹn di ọ̀rọ̀ lásán, wọ́n sún mọ́ apá òsì àpótí dípò ọ̀tún, òpó F sì kọ “ọjọ́ kò yé” sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Àwọn tó ń fara hàn bí aláìsàn ni ara wọn dá jù, torí mo rí wọn. Àwọn tí ọjọ́ wọn kò ju 12 lọ ló lè pa èèyàn láìfọhùn. Mo lọ sí `File`, `Settings`, mo yí `Locale` sí `United Kingdom`, mo pa gbogbo ọjọ́ rẹ́, mo sì tún wọn kọ bíi `2025-03-12`. Yíyí `Locale` nìkan kì í tún èyí tó ti kà ní àkàṣì ṣe.

Lẹ́tà alága jáde ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, lẹ́yìn tí mo pè wọ́n. Mo pè wọ́n ni o, n kò kọ ọ́ sórí Wáàsáàpù pé “Bàbá Alága, ọjọ́ yín ti kọjá” níwájú ọgọ́ta ènìyàn. Ìwé tí gbogbo ẹgbẹ́ rí kò ní òpó F nínú. Àwa méje tó wà nínú ìgbìmọ̀ nìkan ló ń rí i, bí ó bá sì kan àgbà, fóònù ni.

Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹgbẹ́ rárá, mo ti fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹni kọ̀ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, apá tirẹ̀ nìkan, mo ní kí wọ́n dá mi lóhùn kí agogo mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó lù. Mẹ́ta ṣàtúnṣe. Ẹnì kan kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun kò gbà láti kó owó jọ fún àsè ìparí ọdún, ẹlòmíràn ló pe orúkọ òun nígbà tí òun ti jáde lọ gba fóònù. Òótọ́ ni, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àwọn tó fọhùn ní ìpínrọ̀ yẹn. A yọ iṣẹ́ náà kúrò títí di ìpàdé tó ń bọ̀, mẹ́wàá sì padà di mẹ́sàn-án. Pẹ̀lú méjì tó jáde látinú owó ọdẹ, mọ́kànlá ni a gbé síwájú ẹgbẹ́ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta.

Nígbà tí ìpàdé oṣù Kẹrin máa fi pé, ní ọjọ́ 12, méje nínú mọ́kànlá ti tán. Àwọn ọ̀dọ́ parí gọ́tà ní ọjọ́ 22, kí ìtàdógún tó pé. Ilé méje nínú méjìlá san gbèsè, owó ọdẹ oṣù Kejì sì pé ní ọjọ́ 19, ọjọ́ méjì lẹ́yìn gbèdéke. Wẹ́dà kò parí. Irin ló wọ́n, ó sì tọrọ ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Tiransifọ́mà ṣì wà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n Bàbá Ẹnjiníà ti lọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́tà wa ti gba òǹtẹ̀ àti nọ́ńbà níbẹ̀, wọ́n sì ní wọ́n máa rán ènìyàn wá wò ó. Ìṣẹ́jú márùn-ún la fi sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Akọ̀wé ti gbé bọ́tìnnì èdè Yorùbá sórí fóònù rẹ̀. Ní àkọsílẹ̀ oṣù Kẹrin tó fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ kejì ìpàdé, ìpínrọ̀ 5.1 kà báyìí: “A ò tíì san owó àwọn ọdẹ fún oṣù Kẹta. Akápò (Ìyá) yóò san án ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin.” Mo dà á kọ sínú ìwé mi bó ṣe wà, n kò pe ẹnikẹ́ni.